Bí akọ̀wé ṣe lè ya ohun tí ẹgbẹ́ fẹnu kò sí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí wọ́n ṣì ń jiyàn lé lórí

*Ìbéèrè:* Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ní àdúgbò wa n'Ìbàdàn. Odidi ọ̀sẹ̀ kan la fi sọ̀rọ̀ lórí Wásáàpù nípa géètì tí a fẹ́ ṣe sójú pópó wa àti àwọn ọlọ́dẹ tí a fẹ́ gbà, ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ sì ju ẹgbẹ̀ta lọ. Alága ní kí n kọ ọ́ sínú ojú ìwé kan, kí ohun tí a gbà hàn, kí ohun tí a kò tíì gbà náà hàn. Mo kọ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn kan ní mo gbè sẹ́yìn ẹnìkan. Báwo ni kí n ṣe é?

*Ìdáhùn:* Akọ̀wé, ẹ kú akitiyan. Ohun tó sábà máa ń fa irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ ni pé akọ̀wé to ọ̀rọ̀ bí ó ṣe ń jáde lẹ́nu àwọn ènìyàn: lágbájá sọ báyìí, làkáṣègbè dá a lóhùn, alága wá dá sí i. Bí a bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó sọ̀rọ̀ jù ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò gbàyè jù, ẹni tó sì sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ni yóò dà bí ẹni tó borí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé akọ̀wé kò ní ẹnikẹ́ni lọ́kàn. Orí ìbéèrè ni kí ẹ to ọ̀rọ̀ lé, kì í ṣe orí ènìyàn, kì í sì í ṣe orí àkókò. Bí ọ̀rọ̀ bá tilẹ̀ ju ẹgbẹ̀ta lọ, ìbéèrè gidi tí wọ́n ń dáhùn nínú rẹ̀ kì í sábà ju márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ, nítorí pé àwọn ènìyàn máa ń padà sórí nǹkan kan náà léraléra láti ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú fóònù lọ síbi tí ẹ ti lè fi gègé fa ìlà sí i. Lórí fóònù Android, ẹ wọ inú ẹgbẹ́ náà, ẹ tẹ àmì ẹ̀kán mẹ́ta tó wà lókè lápá ọ̀tún, kí ẹ tẹ More, lẹ́yìn náà Export chat, kí ẹ sì yan Without media. Wásáàpù yóò fún yín ní fáìlì kan tí ó jẹ́ kìkì ọ̀rọ̀, ẹ sì lè tẹ̀ ẹ́ jáde sórí pépà. Bí fóònù bá kọ̀ tí kò jẹ́ kí ẹ ṣe é, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti tan ètò ìpamọ́ tí wọ́n ń pè ní Advanced chat privacy nínú ẹgbẹ́ náà, ẹ bá àwọn ádímìn sọ ọ́. Báyìí ni ìlà inú fáìlì náà ṣe máa ń rí:

```
14/05/2025, 21:07 - Ilé 12: Mo fara mọ́ ọn
14/05/2025, 21:09 - Ilé 7: <Media omitted>
14/05/2025, 21:15 - Ilé 3: This message was deleted
```

Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé fáìlì yìí nìkan, nítorí pé nǹkan mẹ́ta tó ṣe pàtàkì gan-an fún iṣẹ́ yín ni kì í bá a wá. Bí ẹnìkan bá fèsì sí ọ̀rọ̀ kan pàtó nípa fífà á yọ, èsì rẹ̀ nìkan ni fáìlì náà yóò gbé, kò ní sọ ọ̀rọ̀ tí ó ń fèsì sí. Àtàǹpàkò àti àwọn èmójì tí wọ́n fi lé ọ̀rọ̀ lórí kò ní sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ẹnu sọ sínú fóònù yóò sì di «Media omitted» lásán. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwọn àgbà ẹgbẹ́ ni kì í fẹ́ tẹ ọ̀rọ̀, ohùn ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́, nítorí náà akọ̀wé tó bá ka fáìlì nìkan yóò fo ọ̀rọ̀ àwọn baba àti ìyá tó wà nínú ẹgbẹ́ dá, wọn yóò sì sọ pé ó gbè sẹ́yìn àwọn ọ̀dọ́. Ẹ fi fóònù sí ẹ̀gbẹ́ pépà, ẹ gbọ́ ohùn kọ̀ọ̀kan tán, kí ẹ kọ kókó rẹ̀ sí ibi tí «Media omitted» wà.

Ní ìgbà tí ẹ bá kọ́kọ́ kà á, ìbéèrè nìkan ni kí ẹ máa wá. N kò tíì rí ọ̀rọ̀ ti àdúgbò yín, nítorí náà n ó gbé àpẹẹrẹ kan kalẹ̀ tó jọ ọ́, kí a lè jọ rí bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Ká ní ilé méjìlélọ́gbọ̀n ló wà lójú pópó náà, ká sì ní ohun tí wọ́n ń sọ nìyí: ṣé kí a ṣe géètì, aago mélòó ni kí a máa tì í, ọlọ́dẹ mélòó ni kí a gbà, èló ni kí ilé kọ̀ọ̀kan máa san, ṣé kí ayálégbé náà dá owó, ta ni yóò sì ṣe géètì náà ní iye tó mọ́gbọ́n wá. Ìbéèrè mẹ́fà nìyẹn. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé tirẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń kà á lẹ́ẹ̀kejì, ẹ máa kọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ ìbéèrè tí ó dáhùn, pẹ̀lú nọ́ńbà ilé ẹni tó sọ ọ́, ọjọ́ àti aago. Ọ̀rọ̀ tí kò bá dáhùn ìbéèrè kankan, irú bí ìkíni, àdúrà àti ìkéde òkú ọ̀fọ̀, ẹ fà á lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ ó rí i pé ìdajì ọ̀rọ̀ náà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni yóò bọ́ dànù, ìyókù yóò sì ṣeé wò lójú kan.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti le ni mímọ ohun tí a lè pè ní ìfohùnṣọ̀kan. Lójú àwa Yorùbá, ènìyàn kì í gbójú sókè sọ fún àgbàlagbà láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn pé ohun tí ó sọ kò dára. Bí bàbá kan bá sọ̀rọ̀ tán, «ẹ ṣeun sà», «ẹ kú làákàyè» àti «Ọlọ́run á fún wa ṣe» ni yóò tẹ̀lé e, kí ilé sì dákẹ́. Kò sí èyí tó jẹ́ «mo gbà» nínú wọn. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n, ẹni tó sọ wọ́n sì lè wá sí ìpàdé lọ́jọ́ Sátidé kí ó takò ó pátápátá láìparọ́. Bákan náà ni àtàǹpàkò: ó lè jẹ́ «mo fara mọ́ ọn», ó sì lè jẹ́ «mo ti kà á». Òfin tí èmi ń lò ni pé n kò ní kọ ohun kan sábẹ́ ohun tí a gbà àfi tí mo bá lè tọ́ka sí ìlà kan tí ẹnìkan ti dábàá rẹ̀ kedere, kí n sì rí i pé gbogbo ẹni tó takò ó tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti dá lóhùn tàbí tó fúnra rẹ̀ sọ pé òun ti yí ọkàn padà.

Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ tí ń ṣètò ìlànà tí Íńtánẹ́ẹ̀tì fi ń ṣiṣẹ́, IETF, ti kọ ohun tó wúlò lórí èyí. Wọn kì í fi ìbò parí àríyànjiyàn wọn, orí lẹ́tà ẹ̀rọ ni wọ́n sì ti ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní ọdún 2014, wọ́n gbé ìwé kan jáde tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ RFC 7282, láti ṣàlàyé bí alága ṣe ń mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti gún régé. Wọ́n ní kí a má ṣe ka orí ènìyàn, àtakò ni kí a gbé yẹ̀ wò: ṣé a gbọ́ ọ, ṣé a sì fèsì tó nítumọ̀ sí i? Ọgọ́rùn-ún ènìyàn lè wà lẹ́yìn àbá kan kí márùn-ún takò ó, kí ọ̀rọ̀ náà má sì tíì gún, bí ohun tí àwọn márùn-ún náà rí bá jẹ́ òótọ́ tí ẹnikẹ́ni kò sì dáhùn rẹ̀. Ẹgbẹ́ onílé lè dìbò ní ìpàdé o, ẹ̀tọ́ wọn ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ akọ̀wé tó ń kó ọ̀rọ̀ jọ kì í ṣe láti bá wọn dìbò. Ìdí nìyí tí ènìyàn kan tó sọ ohun kan náà nígbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fi jẹ́ ènìyàn kan péré lójú ìwé yín, tí ẹni tó sì sọ ìdí gidi kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò fi gbọdọ̀ sọnù.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìbéèrè owó nínú àpẹẹrẹ wa, nítorí ibẹ̀ ni ìfohùnṣọ̀kan èké ti pọ̀ jù. Lálẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè, ilé kẹrin kọ̀wé pé: «Mo dábàá kí ilé kọ̀ọ̀kan máa mú 5,000 wá fún àwọn ọlọ́dẹ.» Ẹni mẹ́ta fara mọ́ ọn. Ní ọjọ́ Wẹ́sìdé ọ̀rọ̀ ti ṣí lọ sórí iye tí wẹ́dà yóò gbà lórí géètì, ẹnìkan sì béèrè pé: «Kí ni kí á wá ṣe nípa owó?» Ẹlòmíràn dáhùn pé: «Ṣebí a ti sọ pé 5,000 ni.» Ni ènìyàn mọ́kànlá bá tò ó tẹ̀lé ara wọn pé «mo gbà», «kò burú», «ó tọ́». Akọ̀wé tí kò bá fara balẹ̀ yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilé mẹ́rìnlá ló gbà kí a máa san 5,000. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá ṣí fóònù tí ẹ wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n fà yọ, ẹ ó rí i pé ẹni mẹ́rin péré nínú mọ́kànlá náà ló fa ọ̀rọ̀ ilé kẹrin yọ. Ọ̀rọ̀ géètì ni ẹni márùn-ún fà yọ, èyí tó túmọ̀ sí pé owó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n rò pé wọ́n ń gbà. Àwọn méjì tó kù kò fa nǹkan kan yọ, a kò sì lè bá wọn sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn.

Ìṣirò kékeré yóò fi hàn yín bí èyí ṣe lè ba nǹkan jẹ́. Owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà ti di 70,000 láti ọdún 2024, nítorí náà bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ san iye yẹn fún ọlọ́dẹ méjì, 140,000 ni lóṣù. Bí gbogbo ilé méjìlélọ́gbọ̀n bá san 5,000 lóṣooṣù, 160,000 ni yóò wọlé, owó náà sì ká a. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni apá kan ẹgbẹ́ rò pé àwọn yóò san án, owó ọlọ́dẹ kò ní tó láti oṣù kejì lọ, ariwo yóò sọ lọ́jọ́ náà, ìwé yín sì ni wọn yóò fà jáde. Nítorí náà, ohun tí ẹ lè sọ pé ó dájú kò ju pé kò sí ẹni tó takò 5,000 fún ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá kọ ọ́ sábẹ́ ohun tí a kò tíì yanjú pé a kò mọ̀ bóyá oṣooṣù ni tàbí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, fún ọlọ́dẹ tàbí fún géètì. Nígbàkigbà tí ẹ bá rí «mo gbà» tó pọ̀ lójijì lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti yí padà, ẹ wo ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fèsì sí. Bákan náà, ẹ má ṣe gé «mo gbà, bí…» kúrú. Ẹni tó ní «mo gbà, bí ayálégbé náà yóò bá dá sí i» kò tíì gbà, àfi bí ẹ bá yanjú ọ̀rọ̀ ayálégbé.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà: ìjà tó jẹ́ pé ìṣọ̀kan ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Lórí aago tí wọn yóò máa ti géètì, ẹni kan ní aago mẹ́wàá alẹ́, òmíràn ní mọ́kànlá, bàbá kan sì fi ohùn ránṣẹ́ pé ọmọ òun tó jẹ́ nọ́ọ̀sì kì í ti ibi iṣẹ́ dé kí aago méjìlá tó lù. Ohùn ga, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ bú ara wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a kó gbogbo ọ̀rọ̀ náà sábẹ́ ìbéèrè kan, kò sí ẹnìkan nínú wọn tó ní kí a fi ọmọ àdúgbò síta. Ẹni tó ń sọ aago mẹ́wàá gan-an ti sọ lọ́jọ́ Túsìdé pé kí ọlọ́dẹ máa ṣí i fún ẹni tí ó bá mọ̀. Ohun tó kù tí wọ́n ń jà lé lórí kò ju aago tí ènìyàn yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúró kí ọlọ́dẹ dá a mọ̀ kí ó tó wọlé. Akọ̀wé tó bá kọ ìyẹn sílẹ̀ ti ṣe ìdajì iṣẹ́ alága fún un.

Fún èyí tó jẹ́ àríyànjiyàn gidi, ẹ má ṣe dúró lórí pé àwọn kan fẹ́, àwọn kan kọ̀. Ẹ kọ ohun tí àríyànjiyàn náà rọ̀ mọ́, nítorí pé oògùn wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Àwọn kan ní wẹ́dà yóò ṣe géètì méjèèjì ní 850,000, àwọn kan ní kò lè dín ní 1,200,000: ọ̀rọ̀ àìmọ̀ lásán nìyẹn, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa bá ẹnìkejì rẹ̀ jà lórí rẹ̀. Ohun tí ẹ ó kọ ni pé kí a gba iye lọ́wọ́ wẹ́dà méjì tàbí mẹ́ta lórí géètì tí gíga, fífẹ̀ àti irin rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, nítorí ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì má tilẹ̀ máa sọ̀rọ̀ lórí géètì kan náà. Ti ayálégbé yàtọ̀ sí èyí. Apá kan ní ẹni tó bá ń sùn níbẹ̀ ni ọlọ́dẹ ń ṣọ́, nítorí náà kí ó dá owó. Apá kejì ní onílé ló ni dúkìá, ayálégbé sì ti san owó ilé. Kò sí wẹ́dà tàbí ìwádìí tó lè parí ìyẹn, nítorí ohun tí wọ́n kà sí ẹ̀tọ́ ló yàtọ̀ síra. Ìpàdé ló ni í, kí ìwé yín sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń kọ èrò apá kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọ́ lọ́nà tí àwọn tó ni í fi lè sọ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn wí, kí ẹ sì fún apá méjèèjì ní ìlà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ọ̀rọ̀ ìṣe tí ẹ bá lò náà ń sọ èrò yín: bí ẹ bá kọ ọ́ pé apá kan «ṣàlàyé», tí apá kejì sì «fàáké kọ́rí», ẹ ti dájọ́. «Wọ́n ní» ti tó fún àwọn méjèèjì. Ẹ má ṣe dárúkọ ẹnikẹ́ni sí abẹ́ èrò tí a ń jiyàn lé lórí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wà nínú pépà tiyín. Àgbàlagbà tí orúkọ rẹ̀ bá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èrò kan nínú ìwé tí gbogbo àdúgbò kà, ojú yóò tì í láti yí padà, bí ọkàn rẹ̀ tilẹ̀ ti yí. Ibi tí orúkọ yẹ sí ni ibi tí ẹnìkan ti gba iṣẹ́ kan láti ṣe.

Ẹ tún fi apá kẹta kún méjì tí alága béèrè: ìbéèrè tí ẹnìkan béèrè tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Wọn kì í ṣe ohun tí a gbà, a kò sì jiyàn lé wọn lórí, ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń sọnù. Lápapọ̀, ìwé ti àpẹẹrẹ wa yóò rí báyìí:

*Ọ̀rọ̀ géètì àti ọlọ́dẹ, títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ Sọ́ńdè. Ilé mọ́kàndínlógún nínú méjìlélọ́gbọ̀n ló sọ̀rọ̀.*

*Ohun tí a fẹnu kò sí: Kí a ṣe géètì sí òkè àti ìsàlẹ̀ òpópó, ilé méjì takò ó lákọ̀ọ́kọ́ nítorí ọkọ̀ panápaná, wọ́n sì gbà nígbà tí a fi kún un pé yóò fẹ̀ tó ọkọ̀ ńlá. Kí ọlọ́dẹ jẹ́ méjì. Kí wọ́n máa ṣílẹ̀kùn fún ará àdúgbò tí wọ́n bá mọ̀, bó ti wù kí ilẹ̀ ṣú tó.*

*Ohun tí a kò tíì yanjú: Aago tí a óò máa ti géètì, mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá, ààbò ni apá kan ń rò, àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ dé ni apá kejì ń rò. Bóyá oṣooṣù ni 5,000 tàbí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, fún ọlọ́dẹ tàbí fún géètì, kò sì sí ẹni tó takò iye náà fúnra rẹ̀. Iye owó géètì. A ń retí iye láti ọ̀dọ̀ wẹ́dà. Bóyá ayálégbé yóò dá owó. Ìpàdé ni yóò sọ.*

*Ìbéèrè tí a kò tíì dáhùn: Ta ni yóò san ti ilé tó ṣófo? Ọ̀dọ̀ ta ni kọ́kọ́rọ́ kejì yóò wà?*

Ẹ ṣàkíyèsí pé mo kọ iye ilé tó sọ̀rọ̀ sókè. Ilé mẹ́tàlá kò sọ nǹkan kan, ẹni tó bá ka ìwé náà sì gbọ́dọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó má baà rò pé gbogbo àdúgbò ló ti pa ohùn pọ̀. Ẹ kọ aago tí ẹ ti dúró pẹ̀lú, nítorí pé Wásáàpù gba ènìyàn láyè láti tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó sì lè pa á rẹ́ fún gbogbo ènìyàn títí di nǹkan bí ọjọ́ méjì àtààbọ̀ lẹ́yìn tó fi í ránṣẹ́. Bí ẹnìkan bá ti pa ọ̀rọ̀ tirẹ̀ rẹ́, ẹ má ṣe gbé e padà sínú ìwé nítorí pé ẹ rántí rẹ̀. Ó ti kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Kí ìwé náà tó di ti ẹgbẹ́, ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tí ohùn rẹ̀ le jù ní apá kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe sí alága nìkan. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ bi wọ́n: «Ṣé mo gbé ọ̀rọ̀ yín síbẹ̀ bí ẹ ṣe sọ ọ́?» Bí ẹnìkan bá bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn padà, ẹ sọ fún un pé ìpàdé ni kí ó gbé e lọ, kí ó kàn tọ́ka sí ìlà tí kò tọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi í sórí Wásáàpù, kí ẹ fún gbogbo ilé ní ọjọ́ méjì láti tún un ṣe, kí ẹ sì bá àwọn tí kì í sábà ka Wásáàpù sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Bí ọ̀rọ̀ tuntun bá yọjú láàárín ọjọ́ méjì náà, ẹ fi í sábẹ́ ìbéèrè tí a kò tíì dáhùn pẹ̀lú ọjọ́ tó wọlé. Ẹ má ṣe yí ìwé tó ti jáde padà ní kọ̀rọ̀. Ẹ kọ «ẹ̀dà kejì» àti ọjọ́ sí orí ìwé tuntun, kí ẹ sì sọ ìlà tó yí padà, kí ẹni tó bá mú ẹ̀dà ti tẹ́lẹ̀ wá sí ìpàdé lè mọ ibi tí ó ti yàtọ̀.